Báàtírì ínfátà méjì bàjẹ́ nínú mẹ́rin, àdéhùn ní ọjọ́ méje ni mo ní. Báwo ni kí n ṣe kọ lẹ́tà náà?

Ìyá Ìbejì Kubwa (Sátidé, 14 Oṣù Kẹfà, aago mẹ́jọ àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará wa ní Àbújá. Ṣọ́ọ̀bù òògùn ni mo ní ní Kubwa. Ní ọjọ́ 3 Oṣù Kẹta, mo ra báàtírì ńlá mẹ́rin lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta ohun èlò sólà, èyí tí wọ́n kọ 220Ah sí lára. ₦380,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,520,000. A buwọ́ lu ìwé àdéhùn, mo sì sanwó tán lọ́jọ́ náà.

Láti ìparí Oṣù Karùn-ún ni iná ò ti dúró mọ́. Tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ ní aago méje alẹ́, fíríìjì ìnsúlíìnì mi ò lè dé aago mọ́kànlá kí ínfátà tó máa ké. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá tó tà á fún mi lórí Wasáàpù ní ọjọ́ 24 Oṣù Karùn-ún. Ó rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá, ọmọ náà bu omi sí i, ó ní ẹrù tí mo gbé lé e ló pọ̀ jù. Kò sí ohun tó yí padà. Ní Túsìdeè tó kọjá, ọjọ́ 10, àbúrò mi tó mọ̀ nípa iná yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní méjì ti bàjẹ́.

Àwọn ohun tó wà nínú àdéhùn nìyí, mo tú u láti Gẹ̀ẹ́sì. Abala 7: tí olùrà bá rí àbùkù láàárín oṣù 12, kó kọ ọ́ sílẹ̀ ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tó rí i, olùtà yóò wá yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, yóò sì pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14 lẹ́yìn náà, bí irú rẹ̀ ò bá sí, yóò dá owó padà. Abala 9: wáráńtì ti kú tí ẹlòmíràn bá tú báàtírì náà. Abala 12: àdírẹ́sì tó wà lókè àdéhùn tàbí ímeèlì ni kí a fi gbogbo ìwé ránṣẹ́ sí.

Gbogbo owó mi ni mo fẹ́ gbà, ₦1,520,000, pẹ̀lú owó òògùn tó bàjẹ́. Ṣé mo lè bèèrè bẹ́ẹ̀? Mi ò tíì kọ lẹ́tà kankan yàtọ̀ sí ti Wasáàpù.

---

Bàbá Súlè Kaduna (aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú ogójì)

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má dá ara yín láàmú pẹ̀lú lẹ́tà. Ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó wà ládùúgbò ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó lù yín ní jìbìtì. Tó bá ti sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, owó á jáde. Bí mo ṣe gba owó táìlì mi lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn nìyẹn.

---

Agbẹjọ́rò Garki (aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀)

Bàbá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀nà yẹn han ìyá yìí. Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 ti sọ ọ́ ní abala 32 pé wọn kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni nítorí pé ó tàpá sí àdéhùn lásán. Tí ọ̀gá yẹn bá ní lọ́yà, ìyá ló máa padà wá di ẹni tí wọ́n ń pè lẹ́jọ́. Báàtírì tó bàjẹ́ kì í ṣe jìbìtì àyàfi tí ẹ bá lè fi hàn pé ó mọ̀ pé ó ti bàjẹ́ kó tó tà á.

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìrora òògùn tó bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ni kí a kọ́kọ́ mú, torí òun ni ò lè dúró. Ọjọ́ 10 lẹ rí i. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ọjọ́ 11, ọjọ́ keje á bọ́ sí Fúráìdeè ọjọ́ 20, torí ọjọ́ 12 jẹ́ ìsinmi ìjọba, kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fọkàn tán ìsinmi yẹn. Ẹ ṣe bí ẹni pé kò sí, kẹ́ ẹ sì fi lẹ́tà náà lé wọn lọ́wọ́ ní Mọ́ńdè ọjọ́ 16.

Ìṣòro tó ń bà mí lẹ́rù ni Oṣù Karùn-ún. Ọ̀gá náà máa sọ pé ọjọ́ 24 lẹ ti rí àbùkù, pé ọjọ́ iṣẹ́ méje yín ti parí ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹfà. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ Oṣù Karùn-ún pamọ́, torí Wasáàpù rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ tirẹ̀ náà. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ní ọjọ́ 24 iná ń tètè lọ, ẹ sì sọ fún un. Pé òun fúnra rẹ̀ rán ènìyàn wá. Pé ènìyàn rẹ̀ sọ pé báàtírì kò ní àbùkù, ẹrù ni. Pé ìgbà tí ẹ wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ 10 lẹ tó mọ̀ pé báàtírì ló bàjẹ́. Ohun tó dára nínú ìtàn yìí ni pé ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló mú yín dúró. Mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé adájọ́ á gbà á, ṣùgbọ́n àlàyé tó dúró ṣinṣin ni.

---

Ẹlẹ́rọ Nyanya (aago mẹ́wàá àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ sólà ni mo ń ṣe, mo sì fẹ́ bèèrè: báwo ni àbúrò yín ṣe wọ̀n ọ́n? Ṣé ó yọ wọ́n kúrò lára ara wọn? Kí ni mítà kọ?

Àti pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ sọ pé kó bu omi ásíìdì tuntun sí i tàbí kó fi ẹ̀rọ kankan jí i, ẹ má ṣe é. Mo ti rí ẹni tó pàdánù wáráńtì nítorí ìyẹn.

---

Ìyá Ìbejì Kubwa (aago mẹ́wàá kọjá ìdajì)

Ó yọ wọ́n kúrò lára ara wọn lálẹ́ Mọ́ńdè lẹ́yìn tí wọ́n ti kún, ó fi wọ́n sílẹ̀ di àárọ̀ Túsìdeè. Mo fi lẹ́tà A dé D lẹ̀ mọ́ wọn lára. A jẹ́ fóltì 12.7, B jẹ́ 12.7, C jẹ́ 12.1, D jẹ́ 10.6. Mo ya àwòrán mítà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò ṣí ìdérí kankan.

---

Ẹlẹ́rọ Nyanya

Ẹ ṣeun fún àwòrán yẹn, ó ṣe pàtàkì gan-an. Ẹ tẹ́tí sí mi.

Yàrá mẹ́fà ló wà nínú báàtírì olómi kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fúnni ní bíi fóltì 2.1. Mẹ́fà lọ́nà méjì-àti-díẹ̀ ni 12.7 yẹn, báàtírì A àti B ti kún dáadáa. Báàtírì D ní 10.6, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ yàrá márùn-ún péré. Yàrá kan ti kú nínú rẹ̀, kì í ṣe pé kò kún. Ẹrù púpọ̀ kì í sáábà pa yàrá kan ṣoṣo kó fi márùn-ún yòókù sílẹ̀. Àbùkù láti ilé-iṣẹ́ ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa fi dá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lóhùn nìyẹn.

C ló ní àròjinlẹ̀. 12.1 túmọ̀ sí pé ó wà ní ìdajì lẹ́yìn tí ó yẹ kó kún. Ó lè jẹ́ pé ó ti rẹ̀ ní tòótọ́, ó sì lè jẹ́ pé D ló fà á. Mẹ́rin ni wọ́n so tẹ̀lé ara wọn kó lè di 48. Ínfátà kì í wo ọ̀kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ wọn ló ń wò. Bí D bá ń fúnni ní 10 dípò 12, fóltì ṣájà tó yẹ kó wà lórí D á bọ́ sórí àwọn yòókù ju bó ṣe yẹ lọ. Nítorí náà, kí wọ́n tó fi báàtírì tuntun kan sí àárín wọn, kí wọ́n wọn A àti B náà níwájú yín. Ẹ kọ ìyẹn sínú lẹ́tà.

Ẹ má tún lo wọ́n papọ̀ mọ́. Ẹ yọ C àti D kúrò, ẹ gbé wọn sí igun kan tó gbẹ, ẹ má tú wọn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹlòmíràn tú wọn.

---

Adéọjà Wuse (ọ̀sán)

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè tèmi náà níbí. Mo ra páálí ṣájà fóònù 40 láti tún tà ní ọjà Wuse. Ọ̀kan nínú mẹ́ta rẹ̀ kì í gba iná. Ẹnì kan sọ pé òfin ìdáàbòbò oníbàárà ọdún 2018 fún mi ní ẹ̀tọ́ láti dá gbogbo rẹ̀ padà, pé kí n kọ̀wé sí FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ní Asókórò. Ṣé kí ìyá náà má kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ dípò lẹ́tà?

---

Agbẹjọ́rò Garki

Ọ̀gbẹ́ni Adéọjà, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀ sí tiwọn. Òfin ọdún 2018 yẹn, ẹni tó ra ọjà láti tún tà kì í ṣe oníbàárà nínú ìtumọ̀ rẹ̀. Ìwọ àti ẹni tó tà á fún ọ, àdéhùn yín àti òfin ọjà títà ló wà láàárín yín. Bí o kò bá ní ìwé àdéhùn, rìsíìtì àti ohun tó kọ lórí páálí ni ẹ̀rí rẹ. Ya páálí tó bàjẹ́ sọ́tọ̀ kí o tó tún ta ìyókù, torí tí o bá tà wọ́n tán, o ti gbà wọ́n nìyẹn.

Ìyá Ìbejì kò tún báàtírì tà, ó ń lò wọ́n ni, torí náà FCCPC ṣì lè gbọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ó bá débẹ̀ láìtíì kọ̀wé sí olùtà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa bi í ni pé, "Ṣé ẹ ti sọ fún un? Kí ló fèsì?" Lẹ́tà yẹn ló máa gbé lọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mi ò fi fẹ́ kẹ́ ẹ béèrè gbogbo owó, Ìyá Ìbejì. Òfin Ọjà Títà ọdún 1893 tí wọ́n jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Òkè Ọya níbí. Ó ní ọjà gbọ́dọ̀ dára tó iṣẹ́ tí wọ́n ń fi í ṣe, ó sì fún olùrà láàyè láti kọ ọjà tí kò dára. Ṣùgbọ́n tí olùrà bá ti gba ọjà náà, tó sì lò ó fún àkókò tó tó, ẹ̀tọ́ àtikọ̀ ọ́ á di ẹ̀tọ́ àtigba owó ìbàjẹ́ lásán. Oṣù mẹ́ta lẹ ti lò ó. A àti B kò tíì ní àbùkù tí ẹ lè fi hàn. Tí ẹ bá sọ pé ẹ kọ gbogbo mẹ́rin, ẹ fún un ní ibi tó máa gbé ẹsẹ̀ lé láti bá yín jà lórí èyí tó rọrùn fún un, á sì gbàgbé D.

Abala 7 yín lágbára ju òfin yẹn lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí ó fún yín ní oṣù 12 láìka bí ẹ ṣe lò ó sí. Ohun tó ní kẹ́ ẹ gbà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè: pààrọ̀ C àti D, tí kò bá ní irú rẹ̀, kó dá ₦760,000 padà. Ti owó òògùn, ẹ má kó o pọ̀ mọ́ owó báàtírì. Ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo pé ẹ kò fi ẹ̀tọ́ yín lórí ìpàdánù yòókù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tọ́jú àwọn òògùn tó bàjẹ́ àti ìwé tí ẹ fi ń kọ ìwọ̀n òtútù fíríìjì. Ìnsúlíìnì gbọ́dọ̀ wà láàárín dígírì 2 sí 8, tí ìwé yín bá fi hàn pé ó kọjá 8 ní alẹ́ tí iná lọ, ẹ̀rí nìyẹn.

---

Mọ̀mí Gwarinpa

Ẹ ṣeun, Agbẹjọ́rò. Ṣùgbọ́n ṣebí lọ́yà ló gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà kí ó tó ní agbára? Ọkọ mi ní tí kò bá sí orí ìwé lọ́yà, wọn á fi ṣe ìdìpọ̀ ẹ̀pà.

---

Agbẹjọ́rò Garki

Ọkọ yín sọ òótọ́ kan, Mọ̀mí: orí ìwé lọ́yà máa ń jẹ́ kí wọ́n tètè kà á. Ṣùgbọ́n abala 7 sọ pé "olùrà" ni kó kọ ọ́. Kò sọ pé lọ́yà. Lẹ́tà tí ìyá kọ fúnra rẹ̀ tó dé lásìkò sàn ju lẹ́tà lọ́yà tó dé lọ́jọ́ kẹjọ lọ.

Mo kọ ọ́ báyìí. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ kí gbogbo wa lè yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ fi ránṣẹ́ torí Gẹ̀ẹ́sì ni àdéhùn.

> Sí ọ̀gá ilé-iṣẹ́, ní àdírẹ́sì tó wà lókè àdéhùn wa.
>
> ÌFITÓNILÉTÍ ÀBÙKÙ LÁBẸ́ ABALA 7: BÁÀTÍRÌ C ÀTI D, ÀDÉHÙN ỌJỌ́ 3 OṢÙ KẸTA
>
> Ẹ tà báàtírì 220Ah mẹ́rin fún mi ní ₦1,520,000, mo sì san án tán. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára báàtírì C àti D wà nínú àwòrán tó bá lẹ́tà yìí rìn.
>
> Ní ọjọ́ 24 Oṣù Karùn-ún mo sọ fún yín pé iná ń tètè lọ. Ẹni tí ẹ rán wá bu omi sí i, ó ní ẹrù ló fà á. Ní ọjọ́ 10 Oṣù Kẹfà, lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti kún tí wọ́n sì ti sinmi di àárọ̀, a wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: A fóltì 12.7, B 12.7, C 12.1, D 10.6. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé báàtírì ló ní àbùkù. Ẹnikẹ́ni ò tú wọn.
>
> Lábẹ́ abala 7, mo ń bèèrè pé kí ẹ wá yẹ̀ wọ́n wò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, kí ẹ sì wọn A àti B náà níwájú mi. Kí ẹ pààrọ̀ C àti D pẹ̀lú irú wọn gan-an láàárín ọjọ́ 14 tó tẹ̀lé e. Tí irú wọn ò bá sí, kí ẹ dá ₦760,000 padà láàárín ọjọ́ 14 yẹn kan náà. Mo ti yọ C àti D sọ́tọ̀, wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kubwa de yín.
>
> Lẹ́tà yìí kò mú ẹ̀tọ́ mi lórí ìpàdánù òògùn tàbí ẹ̀tọ́ mi míràn kúrò.

Ẹ wo bí mi ò ṣe bú ẹnikẹ́ni níbẹ̀, tí mi ò sì sọ pé "ayédèrú". Tí ẹ bá kọ "ayédèrú," ẹ ní láti fi hàn pé ayédèrú ni.

---

Ẹlẹ́rọ Nyanya

Ó dára gan-an. Ẹ̀yọ kan péré ni mo fẹ́ fi kún un: kí ẹ kọ bí ẹrù yín ṣe tó. Bí àpẹẹrẹ: fíríìjì kan, gílóòbù mẹ́fà, fáànù kan, ó parí. Ìyẹn ló máa pa ẹnu ọmọ iṣẹ́ yẹn mọ́ nígbà tó bá tún sọ pé ẹrù ni.

---

Bàbá Súlè Kaduna

Ẹ ṣeun fún àlàyé lórí ọlọ́pàá. Mi ò mọ̀ pé òfin ti yí padà tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọn bá kọ̀ láti buwọ́ lu lẹ́tà náà ńkọ́? Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù ọjà máa ń ní "ọ̀gá ò sí."

---

Agbẹjọ́rò Garki

Ìbéèrè tó dáa, Bàbá. Ẹ̀dà méjì ni kí ìyá gbé lọ, pẹ̀lú àwọn àwòrán. Ẹni tó bá gbà á kó kọ orúkọ, ọjọ́ àti aago sára ẹ̀dà kejì, tí wọ́n bá ní òǹtẹ̀, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Tí wọ́n bá kọ̀, kí ìyá fi ímeèlì ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ níbẹ̀, torí abala 12 gba ímeèlì. Lẹ́yìn ìyẹn kó lọ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ìwé, kó sì gba rìsíìtì. Wasáàpù lè tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ òun nìkan, torí abala 12 kò dárúkọ rẹ̀.

---

Ìyá Ìbejì Kubwa (Sátidé, 21 Oṣù Kẹfà)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo yín. Mo gbé e lọ ní Mọ́ńdè. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ kọ́kọ́ ní ọ̀gá ò sí. Mo jókòó, mo fi ímeèlì ránṣẹ́ lójú rẹ̀, fóònù ọ̀gá dún lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ọmọbìnrin náà sì buwọ́ lù ú. Aago 11:20 ló kọ síbẹ̀.

Wọ́n wá ní Tọ́sìdeè, ọ̀gá fúnra rẹ̀ àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n so D mọ́ gílóòbù kan, ó já sí fóltì mẹ́sàn-án kí a tó ka ìṣẹ́jú kan tán. Ọ̀gá ò jiyàn. Ó gbà láti pààrọ̀ D, ó sì kọ ọ́ sára lẹ́tà mi pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. A àti B dára.

C ni a ò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Ó ní D ló fà á, pé tí wọ́n bá fi tuntun rọ́pò D, C á padà bọ̀ sípò. Ó ní kí n lò ó fún oṣù kan ná. Mo ní kó kọ ìyẹn náà sílẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu tó. Ẹlẹ́rọ, ṣé òótọ́ ni pé C lè padà bọ̀ sípò?

---

Ẹlẹ́rọ Nyanya

Ó lè ṣẹlẹ̀, Ìyá, tí kò bá pẹ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n fi ṣájà òun nìkan kún C, kì í ṣe láàárín àwọn yòókù, kó sinmi di àárọ̀, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n. Tó bá dúró ní 12.6 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo lè gba ọ̀rọ̀ ọ̀gá gbọ́ díẹ̀. Tó bá tún jẹ́ 12.1, ó ti lọ.

---

Agbẹjọ́rò Garki

Ìyá, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu lórí oṣù kan yẹn. Ẹ kọ ímeèlì kúkúrú sí i lónìí: "Ẹ sọ ní Tọ́sìdeè pé kí n lo C fún oṣù kan. Mo gbà láti ṣe ìdánwò yìí, ṣùgbọ́n ìfitónilétí mi ti ọjọ́ 16 lórí C ṣì dúró, ìdánwò yìí kò sì túmọ̀ sí pé mo ti gba C." Ẹ sì ní kí wọ́n wá fi ṣájà kún un níwájú yín bí Ẹlẹ́rọ ṣe sọ, kí a mọ iye tó wà ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Tí kò bá fèsì, ímeèlì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ yín.